Ìfarahàn, Ìkárí àti Àkáǹtì tí ó Kárí: Ìdí tí Iye Wọn kì í fi í Bá Ara Wọn Mu

1. Ìfáárà

Ní òpópó Adéníji Adélé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí a fi orúkọ Ọba Èkó tí ó wà lórí oyè láti 1949 títí di 1964 sọ, púpọ̀ nínú ọjà tí a ń tà lónìí ni a kọ́kọ́ ń fi hàn lórí fóònù kí oníbàárà tó wá fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan tí ó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní iṣẹ́ ìpolówó lórí Ínsítágíráàmù. Wọ́n kọ àdéhùn wọn ní èdè Yorùbá, wọ́n sì fi gbólóhùn kan sí i pé: "Ènìyàn 11,000 ni yóò rí ìpolówó náà." Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ojú-ìwé ìṣirò wá. Níbẹ̀, Views jẹ́ 11,000, ṣùgbọ́n Accounts reached jẹ́ 4,000. Ọ̀dọ́mọkùnrin ní òun ti mú àdéhùn ṣẹ. Ìyá aláṣọ ní ó jẹ òun ní gbèsè 7,000 ènìyàn.

Ẹ̀rọ kò purọ́ nínú ọ̀ràn yìí, kò sì dájú pé ẹnikẹ́ni fẹ́ rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Ọ̀rọ̀ tí a fi kọ àdéhùn ni ó ní àbùkù. "Iye ènìyàn tí ó rí i" ni ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ ń lò fún ohun mẹ́ta tí ó yàtọ̀ sí ara wọn: ohun tí a ń kọ sójú ẹ̀rọ ní Impressions, èyí tí a ń kọ ní Reach, àti èyí tí a ń kọ ní Accounts reached. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn hàn, láti ṣàlàyé ìdí tí iye wọn kì í fi í dọ́gba, àti láti dábàá ìperí tí kò ní jẹ́ kí irú ìjà bẹ́ẹ̀ tún wáyé.

2. Mélòó àti ẹ̀ẹ̀melòó

Èdè Yorùbá ti pèsè ìyàtọ̀ tí a nílò sílẹ̀ fún wa kí ẹ̀rọ tó dé. Bí a bá bi ènìyàn pé "Ọmọ mélòó ni ó wá?", ohun tí a ń kà ni ọmọ. Bí a bá bi í pé "Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ wá?", ohun tí a ń kà ni wíwá. Ọmọ kan ṣoṣo lè wá ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí yóò fi ìdáhùn ìbéèrè kìíní dáhùn ìbéèrè kejì.

Ìpín ẹran Iléyá yóò jẹ́ kí èyí túbọ̀ yé wa. Bí agboolé kan bá pa àgbò, tí wọ́n sì rán àwọn ọmọ pẹ̀lú ẹran sí àdúgbò, nǹkan méjì ni a lè kà. A lè ka iye ìgbà tí ọmọ gbé abọ́ ẹran wọ ilé kan. A sì lè ka iye ilé tí ẹran náà kárí. Bí ọmọ méjì bá ṣèèṣì gbé ẹran lọ sí ilé kan náà, abọ́ tí a gbé lọ di méjì, ṣùgbọ́n ilé tí ó kárí kò ju ẹyọ kan lọ.

Impressions ni kíka abọ́. Bí àtẹ̀jáde kan bá yọ lójú fóònù ní ẹ̀ẹ̀kan, a ka ọ̀kan. Bí ó bá tún yọ fún ẹni kan náà ní ìrọ̀lẹ́, a tún ka ọ̀kan sí i. Reach ni kíka ilé. Bí ó ti wù kí àtẹ̀jáde náà yọ sí olùlò kan tó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a óò ka olùlò náà. Accounts reached kì í ṣe ohun kẹta tí ó yàtọ̀ pátápátá: Reach náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ jẹ́wọ́ irú "ilé" tí ẹ̀rọ ń kà. Àkáǹtì ni, kì í ṣe ènìyàn. A ó rí i láìpẹ́ pé ìjẹ́wọ́ yìí ṣe pàtàkì.

3. Àpẹẹrẹ tí a fi ọwọ́ kà

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kékeré kan dán ọ̀rọ̀ náà wò. Agboolé kan wà ní Adéníji Adélé. Ìyá Wàsíù ní àkáǹtì méjì, ọ̀kan jẹ́ ti ara rẹ̀, èkejì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Káfáyátù, ọmọ rẹ̀, ní àkáǹtì kan. Ìyá àgbà kò ní fóònù, ṣùgbọ́n inú fóònù Káfáyátù ni ó ti ń wo àwòrán aṣọ. Rájí, ọkọ Káfáyátù, ní àkáǹtì kan. A gbé àwòrán aṣọ òkè kan jáde ní ọjọ́ Ajé, a sì ka iye ìgbà tí ó yọ lójú fóònù wọn fún ọjọ́ mẹ́ta.

| Àkáǹtì | Ajé | Ìṣẹ́gun | Ọjọ́rú | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Ìyá Wàsíù (ti ara rẹ̀) | 2 | 0 | 1 | 3 |
| Ìyá Wàsíù (ti ṣọ́ọ̀bù) | 1 | 0 | 0 | 1 |
| Káfáyátù | 3 | 1 | 0 | 4 |
| Rájí | 0 | 2 | 1 | 3 |
| Iye ìgbà tí ó yọ | 6 | 3 | 2 | 11 |
| Iye àkáǹtì tí ó rí i | 3 | 2 | 2 | 4 |

Ẹ wo ìlà kẹyìn dáradára. Ìlà tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣeé rò pọ̀: 6, 3 àti 2 jẹ́ 11. Ìlà kẹyìn kò ṣeé rò pọ̀: 3, 2 àti 2 jẹ́ 7, ṣùgbọ́n àkáǹtì mẹ́rin péré ni ó wà. Àwọn mẹ́ta tí ó lé ni Káfáyátù tí ó padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú Ìyá Wàsíù àti Rájí tí wọ́n padà wá ní Ọjọ́rú. Bí a bá pín 11 sí 4, a ó rí 2.75, èyí tí í ṣe iye ìgbà tí àtẹ̀jáde náà yọ sí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan bí a bá dá a dọ́gba. Ìpín yìí kan náà ni ó wà láàárín 11,000 àti 4,000 inú àdéhùn tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ènìyàn mélòó ni ó wá rí aṣọ náà? Ìyá Wàsíù, Káfáyátù, ìyá àgbà àti Rájí ni. Wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Àkáǹtì náà jẹ́ mẹ́rin. Ẹni tí ó bá wò ó lóréfèé yóò sọ pé àkáǹtì àti ènìyàn jẹ́ ọ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rọ ka Ìyá Wàsíù lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó ní àkáǹtì méjì, kò sì ka ìyá àgbà rárá nítorí pé kò ní ọ̀kan. Àṣìṣe kan pa àṣìṣe kejì rẹ́ ni. Kò sí ohun tí ó ní kí ó máa rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Àwọn tí ń tẹ ìwé ìròyìn mọ iye ẹ̀dà tí wọ́n tà, ṣùgbọ́n iye ẹ̀dà kò sọ iye àwọn tí ó dúró yí tábìlì olùtàwé ká láàárọ̀, tí wọ́n ka àkọlé láìra ẹyọ kan.

4. Ìdí tí àròpọ̀ kì í fi í jẹ

A ti rí i pé iye àkáǹtì ti ọjọ́ kan kò ṣeé rò mọ́ ti ọjọ́ kejì. Òfin kan náà ni ó de àtẹ̀jáde sí àtẹ̀jáde. Kí a sọ pé a gbé àwòrán kejì jáde ní Ọjọ́rú, àkáǹtì mẹ́ta sì rí i: ti Ìyá Wàsíù fúnra rẹ̀, ti Káfáyátù àti ti Rájí. Àtẹ̀jáde kìíní ní mẹ́rin, èkejì ní mẹ́ta. Ẹni tí ó rò wọ́n pọ̀ yóò ní 7. Ojú-ìwé ìṣirò gbogbogbòò yóò sì sọ pé 4 ni, nítorí pé kò sí àkáǹtì tuntun kankan nínú àwọn tí ó rí èkejì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé ẹ̀rọ ti gbàgbé díẹ̀ nínú èrè wọn. Kò gbàgbé. Ó kọ̀ láti ka ilé kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni.

Ohun kejì ni gbèdéke àkókò. Iye tí a kọ sí abẹ́ àtẹ̀jáde kan máa ń jẹ́ ti gbogbo ìgbà láti ọjọ́ tí ó ti jáde. Iye tí ó wà ní ojú-ìwé gbogbogbòò jẹ́ ti àwọn ọjọ́ tí a yàn níbẹ̀ nìkan, irú bí ọjọ́ 7 tàbí 30. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa. Bí a bá yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú nìkan, àkáǹtì tí a ó rí jẹ́ mẹ́ta, nítorí pé ti ṣọ́ọ̀bù kò wò ó mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ Ajé. Síbẹ̀, àtẹ̀jáde kìíní ṣì ń fi 4 hàn. Ó wá dà bí ẹni pé ọmọ ju ìyá rẹ̀ lọ, pé àtẹ̀jáde kan ṣoṣo kárí àkáǹtì ju gbogbo àtẹ̀jáde lápapọ̀ lọ. Bí a bá rí irú èyí, kí á má ṣe wá olè. Kí á wo ọjọ́ tí a kọ sí orí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan.

5. Ohun tí ẹ̀rọ ń kà gan-an

A ti ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe "rí" bí ẹni pé ẹ̀rọ mọ ohun tí ojú ń ṣe. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Yorùbá ya "hàn", "rí" àti "wò" sọ́tọ̀. Nǹkan lè hàn sí ènìyàn kí ó má rí i. Ó lè rí i kí ó má wò ó. "Hàn" nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ ẹ̀rọ. Bí Rájí bá ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù rẹ̀ lọ tí àwòrán aṣọ òkè náà sì kọjá níbẹ̀ nígbà tí ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ó ti wọ ìṣirò.

Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ fúnra wọn ti yí ìtumọ̀ "hàn" padà. Ṣáájú 2018, bí Fésíbúùkù bá ti gbé àtẹ̀jáde ojú-ewé kan sínú àkójọ ohun tí olùlò lè kà, ó lè kà á kún Reach bí olùlò kò tilẹ̀ yí ojú fóònù dé ibẹ̀. Ní 2018, wọ́n sọ ọ́ di dandan pé kí àtẹ̀jáde wọ ojú fóònù kí a tó kà á. Iye ọ̀pọ̀ ojú-ewé sì lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òǹkàwé kankan tí ó sá lọ. Ẹni tí ó bá fi 2017 wé 2019 láìmọ èyí yóò ṣọ̀fọ̀ lásán.

Ní 2024, Ínsítágíráàmù kéde pé Views ni yóò di òdiwọ̀n àkọ́kọ́ fún gbogbo irú àtẹ̀jáde, Impressions sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú ẹ̀rọ. Fún àwòrán, Views ni iye ìgbà tí ó yọ lójú fóònù. Fún fídíò, iye ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ni, a sì ń ka àtúnwò náà mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí a fi rí Views nínú àdéhùn wa dípò Impressions: orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè "ẹ̀ẹ̀melòó" ni ó ṣì ń dáhùn.

Ọ̀ràn ìpolówó tí a sanwó fún tún ní èèwọ̀ tirẹ̀. Nínú ìṣirò irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, Meta ń ka ohun tí ó pè ní Accounts Center accounts. Bí ènìyàn bá ti so àkáǹtì Fésíbúùkù àti ti Ínsítágíráàmù rẹ̀ pọ̀ ní ibi ìṣàkóso kan, ẹyọ kan ni wọ́n. Bí kò bá so wọ́n pọ̀, méjì ni wọ́n. Nítorí náà, ènìyàn kan náà lè jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, kì í ṣe nítorí ohun tí ó wò, bí kò ṣe nítorí bí ó ṣe to àkáǹtì rẹ̀.

Lákòótán, iye àkáǹtì jẹ́ iye àfojúbù, ìwé ìtọ́ni Meta fún àwọn olùṣètò ẹ̀rọ sì sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ó ń ka abọ́ ẹran kò nílò ju kí ó máa ju òkúta kan sínú igbá fún abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń ka ilé gbọ́dọ̀ rántí gbogbo ilé tí ó ti dé, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó kà. Nígbà tí ilé bá di ọ̀kẹ́ àìmọye, ìrántí yìí a máa ná ẹ̀rọ ní ohun púpọ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń gbé ọgbọ́n jáde tí yóò fi ìrántí kékeré fojú bu iye ẹyọ tí kò tún ara rẹ̀ ṣe. Àpẹẹrẹ kan ni iṣẹ́ tí a ń pè ní `approx_distinct` nínú Presto, ètò ìwádìí dátà tí Fésíbúùkù ṣe. Ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí 4,000, èyí jẹ́ 92. A kò sọ pé ohun èlò yìí gan-an ni ó ka àkáǹtì ìyá aláṣọ. Ohun tí a ń sọ ni pé bí iye àkáǹtì bá jẹ́ 4,000 láàárọ̀ tí ó sì di 3,980 ní ọ̀sán, kò túmọ̀ sí pé 20 ènìyàn padà lẹ́yìn ohun tí wọ́n ti rí.

6. Bí a ṣe lè yẹ iye wò

Òfin méjì péré ni olùkọ́ nílò láti fi mọ ìròyìn tí ó dúró dáradára yàtọ̀ sí èyí tí a fi ọwọ́ rò pọ̀. Kìíní, nínú àkókò kan náà, iye ìgbà tí nǹkan yọ kò gbọdọ̀ kéré sí iye àkáǹtì, nítorí pé àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ti rí i ní ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán. Èkejì, iye àkáǹtì fún ọjọ́ púpọ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ti ọjọ́ tí ó pọ̀ jù, kò sì gbọdọ̀ ju àròpọ̀ gbogbo ọjọ́ lọ. Bí a bá fi A dúró fún àkáǹtì gbogbo àkókò, tí A1, A2 títí dé An sì dúró fún ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan:

```
max(A1, A2, ..., An) <= A <= A1 + A2 + ... + An
```

Nínú àpẹẹrẹ wa, 4 wà láàárín 3 àti 7. Bí ẹnikẹ́ni bá mú 7 wá, ìyẹn àròpọ̀ gan-an láìdín kan, kí á fura pé ó rò wọ́n pọ̀ ni, nítorí pé 7 kò lè jẹ́ òótọ́ àfi bí àkáǹtì kankan kò bá padà wá. Bí iye bá sì jáde kúrò nínú ààlà yìí ju díẹ̀ tí àfojúbù lè fà lọ, ọjọ́ ni kò dọ́gba, tàbí kí iye kan ka ìpolówó tí a sanwó fún kí èkejì má kà á.

7. Ìperí tí a dábàá

Fún Impressions, a dábàá "ìfarahàn". Ó sọ ohun tí ẹ̀rọ mọ̀, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò gba "ìrí" tàbí "ìwò" fún un, nítorí pé àwọn méjèèjì sọ nípa ojú ènìyàn. Bí ó bá di dandan láti túmọ̀ Views tí a kọ sójú ẹ̀rọ, a lè pè é ní "ìwò", ṣùgbọ́n kí olùtumọ̀ fi àlàyé kún un pé ìfarahàn ni í ṣe fún àwòrán, àti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò fún fídíò.

Fún Reach, "ìkárí" ni a yàn. Àwọn kan ti dábàá "ìtànkálẹ̀", ṣùgbọ́n ohun tí ó tàn kálẹ̀ kò ní ẹyọ tí a lè kà: òórùn ń tàn kálẹ̀, òkìkí náà ń tàn kálẹ̀. Ẹnìkan lè ṣe àtakò pé "kárí" túmọ̀ sí pé kò ku ẹnì kankan. Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá lò ó láìsí àbọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé "ẹran náà kárí ilé mẹ́wàá", ilé mẹ́wàá náà ni ààlà rẹ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe kọ "ìkárí" láìfi iye àti ẹyọ tì í: "ìkárí: àkáǹtì 4,000". Accounts reached yóò sì jẹ́ "àkáǹtì tí ó kárí". "Ènìyàn tí ó kárí" kò tọ̀nà, àfi bí a bá ti lọ láti ilé dé ilé béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Adéníji Adélé. Gẹ́gẹ́ bí a ti kọ àdéhùn náà, ìyá aláṣọ ni ó jàre, nítorí pé "ènìyàn 11,000" kò túmọ̀ sí ìfarahàn 11,000. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò lè fi ìwé ìṣirò kankan mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ láéláé, nítorí pé ẹ̀rọ kì í ka ènìyàn. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ ni: "Ìfarahàn kò gbọdọ̀ dín ní 11,000, ìkárí kò sì gbọdọ̀ dín ní àkáǹtì 4,000, láàárín ọjọ́ 30 láti ọjọ́ tí àtẹ̀jáde bá jáde." Bí wọ́n bá kọ ọ́ báyìí, àwọn méjèèjì ì bá ti mọ ohun tí owó wọn ń rà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.